Èjìká ló gbé gáùn ọdún 1966 dúró, ìbàdí ló gbé ti 1975

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín aṣọ obìnrin ìgbà móòdù, àṣà ìmúra àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1960, àti èyí tó gbòde ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, kó má tíì wo bó ṣe gùn tó. Kó wo ibi tó ti so rọ̀.

Gáùn móòdù, irú èyí tí Mary Quant, aránṣọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Bazaar, lójú King's Road, orí èjìká ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Kò fún ìbàdí rárá. Iwájú kan, ẹ̀yìn kan, sípì lẹ́yìn, ìṣẹ́po kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú, ó parí. Aṣọ tó bá le díẹ̀ ló máa ń gbà á, torí èyí tó bá rọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ara, ìrísí rẹ̀ á bàjẹ́. Ìrísí yìí ni Yves Saint Laurent, aránṣọ ará Faransé, lò lọ́dún 1965 nígbà tó gbé ìlà dúdú àti àwọ̀ àwòrán Mondrian, ayàwòrán ará Netherlands, sórí gáùn: ó fi àwọn ìṣẹ́po pamọ́ sójú ibi tí aṣọ ti so pọ̀, ìlà náà sì tọ́ ganrangan.

Ti pé síkẹ́ẹ̀tì míní gòkè kọjá orúnkún, ìbọ̀sẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kì í kọjá itan, okùn ló ń fà á ró, gbogbo rẹ̀ ni ì bá hàn síta. Èyí tó gùn dé ìbàdí ló yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tó di 1974, aránṣọ Diane von Furstenberg gbé gáùn alásopọ̀ tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Kò ní sípì. Aṣọ jẹ́sì tó rọ̀ ni, apá kan á bo èkejì níwájú, okùn á so ó mọ́ ìbàdí. Ẹni tó ti ró ìró rí ti mọ ibi tí wàhálà rẹ̀ wà: bí apá òkè kò bá bo ti ìsàlẹ̀ tó, ó máa là nígbà tí obìnrin bá jókòó. Bí wọ́n bá sì fi aṣọ líle rán an, àyà rẹ̀ á máa yà sílẹ̀. Gáùn máàsì tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ náà fẹ́ aṣọ tó rọ̀. Wọ́n sábà máa ń fún un lábẹ́ ọmú tàbí ní ìbàdí, kó tó wá tú sílẹ̀.

Ṣòkòtò bọ́ńgò ló fi hàn jù pé ìbàdí ló ń gbé aṣọ ìgbà yìí dúró. Ó há mọ́ ìbàdí àti itan, láti orúnkún ló ti ń ya. Ká ní orúnkún jẹ́ ínṣì 17 yíká, ẹnu ẹsẹ̀ lè tó 26. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó láti ra tuntun máa ń tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ jíìnsì wọn láti orúnkún, wọ́n á wá rán aṣọ onígun mẹ́ta sí i. Kí télọ̀ tó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí bàtà tí wọ́n máa fi wọ̀ ọ́, torí ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀n pẹ̀lú bàtà gíga, tí wọ́n wá fi pẹlẹbẹ wọ̀, ilẹ̀ ló máa gbá.