Bí jẹjẹrẹ egungun àwọn ọmọdé ṣe di méjì

Ní 1805, ní Párísì, oníṣẹ́ abẹ Alexis Boyer fún jẹjẹrẹ egungun ní orúkọ tí a ṣì ń pè é títí dòní: ọsitiosakómà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń da àìsàn tó yàtọ̀ síra pọ̀ mọ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Kò sì yani lẹ́nu. Kò sí ẹ́kísíréè títí di 1895, oògùn tí ń múni sùn fún iṣẹ́ abẹ kò sì jáde títí di 1846. Egungun ọmọ wú, ó ń dùn ún lóru, dókítà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n gé e. Ó dá mi lójú pé láàárín àwọn ẹsẹ̀ tí wọ́n gé nígbà yẹn, oríṣi jẹjẹrẹ méjèèjì wà níbẹ̀: ọsitiosakómà, àti èyí tí a wá ń pè ní jẹjẹrẹ Ewing. Mo sì fura pé ti ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn lè jẹ́ ọyún inú egungun lásán.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gbé oyè ẹni tó kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún Albert Lücke ará Jámánì, torí pé ó ti kọ nípa irú àìsàn kejì ní 1866. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró, ọ̀nà ìtọ́jú kankan kò sì yí padà nítorí ohun tó kọ.

Ẹni tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni James Ewing, ní Niu Yọ́ọ̀kì, ní 1921. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan wà lára àwọn tó sọ nípa wọn. Inú ọ̀kan nínú egungun méjì tó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ ni kókó rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n fi ìtànṣán tó ń jáde lára rédíọ́mù tàn án, kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Èyí ni Ewing dì mú. Ọsitiosakómà kì í gbọ́ ti ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Ẹ tàn án títí, yóò kàn máa wú sí i ni. Lábẹ́ maikirosikópù náà, ó rí sẹ́ẹ̀lì kéékèèké róbótó tó kún fọ́fọ́, láìsí egungun tuntun kankan tí wọ́n ń mọ. Bẹ́ẹ̀, egungun tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ń mọ ni àmì ọsitiosakómà gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtọ́jú ló kọ́kọ́ tú àṣírí àìsàn yìí. Ewing rò pé ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ti ṣẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀ dúró.

Ìgbà tí ọmọ ń yára ga, láàárín ọdún mẹ́wàá sí ogún, ni ọsitiosakómà wọ́pọ̀ jù, ìtòsí orúnkún ló sì fẹ́ràn: ìsàlẹ̀ egungun itan tàbí òkè egungun ojúgun. Ó tún máa ń yọjú lára àwọn àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lójú ẹ́kísíréè, ẹ ó rí funfun líle, àti egungun tuntun tó tú síta bí ìtànṣán oòrùn. Ti Ewing máa ń mú ọmọ tó kéré sí i pẹ̀lú, ó sì ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Àárín gbùngbùn egungun gígùn, ìbàdí àti egungun ìhà ló máa ń gbà. Àwòrán rẹ̀ máa ń fi hàn pé nǹkan ti jẹ egungun náà wẹ́wẹ́, awọ egungun yóò sì ká lé ara wọn bí èèpo àlùbọ́sà. Igun mẹ́ta tí awọ egungun tó gbé sókè máa ń ṣe lójú ẹ́kísíréè, tí wọ́n fi orúkọ Codman, oníṣẹ́ abẹ ará Bọ́sítìnì, pè, kò lè ya wọ́n, torí ó lè hàn nínú méjèèjì.

Ti Ewing ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, èyí sì lè tan dókítà jẹ. Ó máa ń mú ibà wá, ẹ̀jẹ̀ funfun á pọ̀, egungun á wú. Ẹni bá rí i lára ọmọ tó ní fòníkúfọ̀ladìde yóò rò pé ọyún ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá la irú ibẹ̀, ohun tó jáde lè jọ ọyún pátápátá. Kí wọ́n fi apá kan ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wá kòkòrò, kí wọ́n fi apá kejì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wo sẹ́ẹ̀lì.

Ìyókù yára. Láti àwọn ọdún 1970 ni kẹmò ti wọ ìtọ́jú méjèèjì, ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì pàdánù ẹsẹ̀ mọ́. Ní 1992, àwọn ará Faransé rí jíìnì méjì tó so pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ti Ewing, èyí tí a fi ń dá a mọ̀ báyìí. Fún ọsitiosakómà, àfi kí wọ́n yọ kókó náà tán pátá. Ti Ewing tó bá wà níbi tí ọ̀bẹ kò lè dé dáadáa, bí ìbàdí, ìtànṣán ni wọ́n ṣì ń lò.