Ṣé dandan ni kí a fi òye dí ibi tí a kò gbọ́ nínú ohùn Rọ́ṣíà?

Ìgbàgbọ́ kan wà láàrin àwa tí a ń fi ẹ̀rọ gba ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè Rọ́ṣíà dénú kò gbọdọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ibi tí ohùn bá ti dàrú, kí ó fi òye parí gbólóhùn náà, kí ó sì kọ ọ́ sí Yorùbá tààrà, nítorí pé kíkọ ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà sílẹ̀ ná, àṣedànù ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí, ohun tó sì gbà mí lọ́wọ́ ìgbàgbọ́ náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ.

Bàbá kan ládùúgbò wa wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kàwé ní Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì nígbà ìjọba Kérékù. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà jókòó tì í, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n jọ kàwé náà wà níbẹ̀. Bí Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ ìdánwò tó ṣe ní 1984, alùpùpù kan tó ń gbé èrò kọjá lẹ́yìn ògiri, ó sì bo ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sí Yorùbá pé, "Ní 1984, mo yege ìdánwò," mo sì fi gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sábẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Èmi náà ṣe é." Ó kà dáadáa, kò sí àlàfo kankan, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe méjì ló wà nínú ìlà méjì.

Nígbà tí mo padà síbẹ̀ tí mo kọ Rọ́ṣíà rẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ gan-an, ohun tí mo rí nìyí:

```
[00:12:41] BÀBÁ: В восемьдесят четвёртом я [неразборчиво] экзамен.
[00:12:46] ÌYÁ:  Я тоже сдавала.
[00:19:05] BÀBÁ: В восемьдесят пятом наконец сдал.
```

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì ìlà àkọ́kọ́ ń sọ pé ibẹ̀ kò ṣeé gbọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ méjì ló lè wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ сдал, Bàbá yege. Bí ó bá jẹ́ сдавал, ó jókòó ṣe ìdánwò, kò sì tíì sọ bí ó ṣe parí. Ègé ohùn kan péré ló wà láàrin méjèèjì, ègé náà ni alùpùpù gbé lọ.

Ìlà kejì tú àṣírí mi. Nínú èdè Rọ́ṣíà, ẹni tó bá ń sọ ohun tí òun ti ṣe máa ń fi ìparí ọ̀rọ̀ hàn bóyá ọkùnrin ni òun tàbí obìnrin: ọkùnrin á ní сдавал, obìnrin á ní сдавала. Nítorí náà, Ìyá ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ Bàbá. Yorùbá kì í ṣe irú ìyàtọ̀ yìí, ẹni tó bá sì ti kọ ọ́ sí Yorùbá tààrà ti sọ ẹ̀rí náà nù kí ó tó mọ̀ pé ó wà. (Ẹ̀rí yìí kì í sí níbi gbogbo: tí obìnrin bá ní "mò ń ṣe ìdánwò báyìí", ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti ọkùnrin á dọ́gba, etí nìkan ló kù láti fi mọ ẹni tó sọ ọ́. Tí etí bá sì kọ̀, àmì ìbéèrè ló yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà.)

Ìyá sì ní "èmi náà", ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ ló ń tún sọ. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, Bàbá fúnra rẹ̀ ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nígbẹ̀yìn ní 1985. Ẹ̀rí méjèèjì fì sí сдавал, ṣùgbọ́n etí mi kò gbọ́ ọ, bí mo tilẹ̀ dín eré ohùn náà kù sí 0.75 tí mo sì fi gbohùngbohùn inú etí gbọ́ ọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

```
[00:12:41] BÀBÁ: В восемьдесят четвёртом я [сдавал?] экзамен.
[00:12:41] BÀBÁ: Ní 1984, mo [ṣe?] ìdánwò.
```

Àmì ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà dé inú ìtumọ̀. Ibi tí mo ti máa ń rí i tó ń jábọ́ jù nìyẹn: Rọ́ṣíà á ní iyèméjì, Yorùbá á ti dá a lójú.

Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó gbọ́ Rọ́ṣíà jù mí lọ, ó sì dáhùn pé kò sí ìdánwò ní 00:12:41. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti gé ìkíni tó jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú àáyá kúrò níbẹ̀rẹ̀ ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí i, gbogbo àkókò sì ti yẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ ohùn àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gé.

Níkẹyìn, mo gbé e lọ bá Bàbá. Ó tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní alùpùpù nìkan lòun ń gbọ́, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé òun fìdí rẹmi lọ́dún náà. Mo kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Àmì ìbéèrè ṣì wà ní 00:12:41.