Álẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí pé owó ti jáde nínú ẹ̀rọ ATM

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà pè mí láti Mọ́kọ́lá. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún.

“Ọmọ mi, ó ti tó wákàtí kan tí mo ti dúró ti ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ti yọ ₦20,000 lówó mi, álẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ò jáde. Àwọn tó wà lórí ìlà ní kí n má kúrò o, pé ẹ̀rọ ti ka owó mi sílẹ̀, ẹni tó bá ti káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn mi ló máa kó o lọ.”

Mo bi í léèrè ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú. Ó ní ọmọkùnrin kan bá òun kà á: “Unable to dispense cash”. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ máa lọ sílé. Owó yẹn ò lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn yín.” Kò gbà mí gbọ́, n kò sì bá a wí, torí pé ohun tí wọ́n sọ fún un yẹn, kò sí ìlà ATM kan n'Ìbàdàn tí ẹ ò ti ní gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé báńkì kan nílùú yìí, èmi àti ẹnì kejì mi la máa ń ṣí ẹ̀rọ, la máa ń kó owó sí i, la sì máa ń ka èyí tó ṣẹ́kù. Ohun tí mo fojú ara mi rí lẹ́yìn ẹ̀rọ ni mo fẹ́ sọ.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣìnà ni bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ léra. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ka owó, lẹ́yìn náà ni báńkì á wá yọ ọ́ nínú àkáǹtì, tí álẹ́ẹ̀tì á sì dé. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ píìnì tán, tí ẹ sì ti sọ iye tí ẹ fẹ́, ẹ̀rọ ò tíì fọwọ́ kan owó kankan. Ó ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà báńkì tó ni ín. Bí káàdì yín bá jẹ́ ti báńkì mìíràn, kọ̀ǹpútà yẹn á ti iṣẹ́ náà sọ́dọ̀ àwọn tó ń so báńkì pọ̀ mọ́ra, irú bí Interswitch, àwọn náà á sì gbé e dé báńkì yín. Ìránṣẹ́ yẹn ní nọ́ńbà tí gbogbo wa tó wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀: 0200. Ó ń béèrè pé, “Ṣé kí n fún ẹni yìí ní ₦20,000?” Báńkì yín á wo àkáǹtì, á yọ owó náà kúrò lójú ẹsẹ̀, á wá fèsì pé kó fún un. Àsìkò tí wọ́n yọ ọ́ yẹn gan-an ni álẹ́ẹ̀tì gbéra. Ẹ̀yìn ìgbà tí èsì bá padà dé ni ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó.

Nítorí náà, ohun tí álẹ́ẹ̀tì ń sọ kò ju pé báńkì yín ti gbà kí wọ́n fún yín lówó. Báńkì yín ò rí inú ẹ̀rọ. Kò mọ̀ bóyá owó jáde tàbí kò jáde, àyàfi tí ẹnì kan bá padà wá sọ fún un.

Ẹ wá jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ. Inú àpótí gígùn bíi mélòó kan tí à ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì ni owó wà. Ẹ̀rọ á máa fa bébà owó kọ̀ọ̀kan, á sì máa wọn bó ṣe nípọn tó bó ṣe ń kọjá. Bí méjì bá lẹ̀ mọ́ra, tàbí tí ọ̀kan ká léteetí, ẹ̀rọ á mọ̀ pé kò bójú mu. Owó wa tó ti gbó, tó ti fa omi àti epo ọjà, kì í pẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ká ní ẹ̀rọ ń fa ogún ẹgbẹ̀rún-kan náírà fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó ti fa mẹ́rìnlá dáadáa, ó wá fa méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè gbìyànjú láti máa bá a lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, á da gbogbo ohun tó ti fà, mẹ́rìndínlógún, sínú àpótí kan tó dá dúró, èyí tí a kọ́ fún owó tí ẹ̀rọ bá kọ̀.

Àpótí yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo ṣiṣẹ́ lórí wọn, owó tó bá ti bọ́ síbẹ̀ kò tún lè jáde mọ́ títí a ó fi wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Ẹni tó tẹ̀lé yín lórí ìlà, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á ti fa tirẹ̀, lórí àṣẹ tirẹ̀. Kò sí owó yín kan tó gún sílẹ̀ tó ń dúró dè é.

Bí ẹ̀rọ bá ti kùnà báyìí, á sọ fún kọ̀ǹpútà báńkì tó ni ín pé òun ò rí owó náà fún oníbàárà. Kọ̀ǹpútà náà á wá kọ ìránṣẹ́ mìíràn, 0420, sí báńkì yín pé: “Àṣẹ ìṣáájú yẹn, ẹ fagi lé e, ẹ dá owó padà.” Òun ni rífásà. Bí èsì ò bá dé, wọ́n á tún un rán. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ geere, owó lè padà kí ẹ tó kúrò níwájú ẹ̀rọ, kò sì sẹ́nì kankan tó fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ó ti máa ń há ni nẹ́tíwọ̀kì. Bí ìlà tó so ẹ̀rọ mọ́ báńkì rẹ̀ bá já lẹ́yìn tí àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, báńkì ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé owó ti jáde tí ìròyìn ni kò dé, ó sì lè jẹ́ pé owó ò jáde rárá. Méjèèjì dákẹ́ bákan náà létí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá dá owó padà fún ẹni tó ti gba owó lọ, gbèsè ni. Nítorí náà, wọ́n lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró títí èèyàn á fi ṣí ẹ̀rọ kà á.

Kíkà yẹn kò le. Ẹ jẹ́ ká ní ₦2,000,000 la kó sínú ẹ̀rọ láàárọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ sì sọ pé àṣẹ tó ti jáde, títí kan ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, jẹ́ ₦1,480,000. Ó yẹ kó ku ₦520,000. Bí a bá ka gbogbo kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ àpótí owó tí ẹ̀rọ kọ̀, tí a rí ₦540,000, a jẹ́ pé ₦20,000 lé. Ẹ̀rọ náà tún ní ìwé ìrántí tirẹ̀ tó ń kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, á sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé fífa owó kùnà ní aago báyìí, lórí nọ́ńbà ìdúnàádúrà báyìí. Nígbà tí owó tó lé bá bá ìwé yẹn mu, kò sí iyàn nínú rẹ̀ mọ́.

Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fún èyí ní gbèdéke láti ọjọ́ 8 oṣù Okúdù, 2020. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti báńkì yín fúnra rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí owó padà. Bí ìyẹn bá kùnà, wọn ò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti báńkì mìíràn, wákàtí 48 ni. Iyàtọ̀ náà mọ́gbọ́n dání: báńkì kan ṣoṣo ló mọ ìdí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ekejì sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ báńkì méjì àti ẹni tó wà láàárín wọn kọjá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jí lọ sí báńkì tó ni ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́rú, ó lọ jà. Wọ́n ní kó lọ sí báńkì tirẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ já òun jù sílẹ̀ ni. Wọn ò purọ́ fún un. Báńkì tó fún yín ní káàdì nìkan ló lè gbé ẹ̀sùn yín wọlé kó sì dá owó padà sínú àkáǹtì yín. Ohun tí wọ́n nílò ni ọjọ́, aago, iye owó, ibi tí ẹ̀rọ wà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì, àti rìsíìtì bí ẹ bá ní i, torí pé nọ́ńbà ìdúnàádúrà wà lára rẹ̀. Píìnì ò sí nínú rẹ̀ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹni tó bá pè yín tó ní òun fẹ́ bá yín ṣe rífásà, tó wá ń béèrè ìwọ̀nyí, olè ni. Bí báńkì yín bá jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìyanjú ẹ̀sùn náà, ẹ kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng.

Àwọn èèyàn tún sọ fún un pé bó bá tún fi káàdì náà gba owó níbòmíì, ti àkọ́kọ́ á bàjẹ́. Rárá o. Ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ̀kan ò lè pa èkejì rẹ́. Ẹ kàn má tún un gbà lára ẹ̀rọ kan náà, torí ohun tó há lọ́fun rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀.

Ó ku ibì kan tí mo máa gbà kí ẹ dúró. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ka owó tán, tó ní kí ẹ gba owó yín, tí ẹnu rẹ̀ ò sì ṣí tàbí tó ṣí tí nǹkan ò yọ, ó lè jẹ́ pé olè ti fi nǹkan pẹlẹbẹ dí ẹnu rẹ̀ kí owó lè há síbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, òun ti gbé owó jáde, nítorí náà kò sí rífásà tó máa dá rìn. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ẹ pe ẹ̀ṣọ́ àti báńkì, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹnì kan á fi dé. Lẹ́yìn náà, àwòrán kámẹ́rà ni wọ́n á máa fi ṣèwádìí, ó sì ń pẹ́ ju wákàtí 48 lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo yà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà. Ó ṣì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀rọ jẹ owó òun. Mo ní kí a yẹ báláǹsì wò lórí fóònù rẹ̀, a sì gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì. ₦20,000 náà ti padà láti ọ̀sán ọjọ́bọ̀, wọ́n kọ “RVSL”, ìyẹn rífásà, sí i lára. Álẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kò dé.