OR àti RR: ohun tí àtẹ olójú mẹ́rin lè sọ nípa ewu, àti ohun tí kò lè sọ

Àtẹ kan wà tó wọ́pọ̀ nínú ìròyìn ìwádìí ìlera, èyí tó ní ìlà méjì àti òpó méjì. Ojú mẹ́rin rẹ̀ ń pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn tó ń ṣe ohun tí à ń wádìí àti àwọn tí kì í ṣe é, àwọn tó ṣàìsàn àti àwọn tí kò ṣàìsàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò àtẹ yìí nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù, láìsí àlàyé tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé. Àtẹ náà kò sì ní sọ bí wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí a nílò jù nìyẹn kí a tó lè mọ ìṣirò tó tọ́ láti fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú àtẹ gidi kan. Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ogún ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n mú ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì wá ọkùnrin 649 mìíràn tó wà ní ilé ìwòsàn nítorí àìsàn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí ọjọ́ orí wọn bá ti àwọn tàkọ́kọ́ mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi gbogbo wọn léèrè nípa sìgá. Amusìgá, lójú ìwádìí náà, ni ẹni tó ti mu ó kéré tán sìgá kan lójúmọ́ fún odindi ọdún kan rí. Èsì rẹ̀ nìyí:

```
             Ó ní jẹjẹrẹ   Kò ní in   Àpapọ̀
Amusìgá          647          622      1,269
Kì í mu            2           27         29
Àpapọ̀            649          649      1,298
```

Ìṣirò méjì ni àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ ṣe lórí irú àtẹ yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni ìfiwéra ewu, tí wọ́n ń kọ ní RR. A ó wo iye àwọn tó ṣàìsàn nínú gbogbo àwọn tó ń mu sìgá, a ó wo iye àwọn tó ṣàìsàn nínú gbogbo àwọn tí kì í mu ún, a ó sì fi ìpín kejì pín ti àkọ́kọ́. Èkejì ni ìfiwéra ọ́ọ̀dì, tí wọ́n ń kọ ní OR. Nínú ọ́ọ̀dì, a kì í fi àwọn tó ṣàìsàn wé àpapọ̀. Àwọn tí kò ṣàìsàn ni a ń fi wọ́n wé. Ọ̀nà kúkúrú tí a fi ń ṣírò rẹ̀ ni pé kí a sọ àwọn ojú tó dojú kọ ara wọn ní ìdábùú di ìlọ́po, kí a sì fi ọ̀kan pín èkejì:

```
OR = (647 × 27) / (622 × 2) = 14.04
RR = (647 / 1269) / (2 / 29) = 7.39
```

Èsì méjèèjì yàtọ̀ gan-an, wọn kò sì jọ ṣeé gbà. Ẹ wo 647 nínú 1,269 tó wà nínú RR yẹn: ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí a bá gbà á gẹ́gẹ́ bí ewu, ohun tí a ń sọ ni pé ìdajì àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Ibi tí ìdajì yìí ti wá ni pé àwọn olùwádìí fúnra wọn ló pinnu láti mú aláìlárùn kan fún aláàrùn kan. Ìpinnu wọn ni nọ́ńbà náà ń sọ, kò sọ ohunkóhun nípa ara ènìyàn.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà rí i kedere. Ká ní wọ́n ti mú ìlọ́po méjì àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ, tí ìwà wọn nípa sìgá kò sì yí padà: 622 yóò di 1,244, 27 yóò sì di 54. RR yóò kúrò ní 7.39, yóò di 9.58. Bí wọ́n bá mú ìlọ́po mẹ́wàá, yóò di 12.81. Sìgá kò yí padà, àìsàn náà kò yí padà, síbẹ̀ èsì ń gòkè kìkì nítorí pé àwọn ènìyàn tí a mú pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n OR dúró lórí 14.04 nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìlọ́po tó wọ òkè ìpín náà ló wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ti ń ṣàìsàn, OR nìkan ni a lè gbé jáde.

RR ń fẹ́ ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì, tí a ti kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí kì í mu, kí a tó máa dúró wo àwọn tí àìsàn yóò mú. Ohun tí Doll àti Hill ṣe láti ọdún 1951 nìyẹn, nígbà tí wọ́n kọ ìwé ìbéèrè sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tó lé ní 40,000 sì dá wọn lóhùn.

Nígbà tí àìsàn bá ṣọ̀wọ́n, bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ṣe rí láàárín gbogbo ará ìlú, OR máa ń sún mọ́ RR tí irú ìwádìí kejì yìí yóò rí. Ìdí ni pé àwọn tí kò ṣàìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àpapọ̀. Bí àìsàn náà bá wọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ká ní ènìyàn 60 nínú ọgọ́rùn-ún ṣàìsàn ní apá kan, tí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe é ní apá kejì: RR jẹ́ 2, ṣùgbọ́n OR jẹ́ 3.5. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé ewu náà fi ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ pọ̀ ti tan àwọn òǹkàwé rẹ̀ jẹ, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Mo ka àṣìṣe yìí sí èyí tó burú jù, nítorí pé ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí fọ́tò. Bí àkọlé òkè àti ẹ̀gbẹ́ bá ti gé kúrò, a kò ní mọ̀ bóyá sìgá ló wà ní ìlà tàbí àìsàn. OR kò bìkítà: bí a bá da àtẹ náà dùbúlẹ̀, tí ìlà di òpó, tí òpó sì di ìlà, 14.04 náà ni yóò fún wa. Bí a bá ṣírò RR lórí àtẹ tó dùbúlẹ̀ láìmọ̀, 647 nínú 649 ni a ó fi wé 622 nínú 649, èsì rẹ̀ yóò sì jẹ́ 1.04, bí ẹni pé sìgá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan.

Ojú tó ní 2 ni kí a sì ṣọ́ jù. Bí fọ́tò bá ṣú, tí a ka 2 yẹn sí 7, OR yóò já wálẹ̀ sí 4.01. Ìlà àpapọ̀ ló ń tú àṣìṣe yìí síta, nítorí pé 647 àti 7 jẹ́ 654, wọn kì í ṣe 649. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń ya fọ́tò má ṣe gé àpapọ̀ kúrò. Kódà bí a bá kà á dáadáa, ojú tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń mú kí èsì náà máa mì. Bí a bá ṣírò ààlà ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àtẹ yìí, ìyẹn àyè tí a retí pé OR gidi wà, láti nǹkan bíi 3.3 títí dé 59 ni. Gbogbo ààlà yẹn ló ga ju 1 lọ, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà tí à bá rí bí sìgá kò bá ní àjọṣe kankan pẹ̀lú àìsàn náà, ìyẹn ni pé àjọṣe tó wà láàárín sìgá àti àìsàn náà dájú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ gan-an kò dájú rárá. Láìka ọ̀nà tí fọ́tò náà gbà dé ọwọ́ wa sí, ojú ìwé tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe yan àwọn ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́.