Láti owó wákàtí kan sí owó oṣù àti owó ọdún, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi tí kò lówó nínú

Bí wọ́n bá ní 20 ni owó iṣẹ́ wákàtí kan, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣírò rẹ̀ lórí lójú ẹsẹ̀. 20 lọ́nà 40 jẹ́ 800 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú oṣù, nítorí náà 3,200 ni owó oṣù. Wọ́n á ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ti máa fi 3,200 náà wo owó ilé àti owó oúnjẹ. Irú owó yòówù tí 20 yẹn lè jẹ́, àṣìṣe méjì ló wà nínú ìṣirò náà, ọ̀kan ń dín owó náà kù, èkejì sì ń bù ú lé.

Èyí tó ń dín in kù ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28, kò sì sí oṣù tó jẹ́ ọjọ́ 28 àfi Fẹ́búárì, òun náà kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún. Èèyàn tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́nà oṣù 12 á rí ọ̀sẹ̀ 48, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti já bọ́ láàárín ọ̀nà. Èyí tó ń bù ú lé ni pé ìṣirò náà kò bi ẹnikẹ́ni bóyá owó ń wọlé ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá sinmi. Ẹni tó ń gba owó oṣù tí kì í yí padà lè lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kí owó rẹ̀ má dín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbowó wákàtí kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí owó.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìṣirò náà ti orí oṣù bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan gùn, òmíràn kúrú, ìsinmi sì máa ń kóra jọ sínú oṣù díẹ̀. Ọdún ló dúró déédéé. Ohun tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wá ni iye wákàtí tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ láàárín ọdún kan. Bí ìyẹn bá ti tọ́, owó ọdún tọ́ nìyẹn, owó oṣù kò sì ju kí a pín in sí ọ̀nà 12 lọ.

Ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn: wákàtí 40 lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ wákàtí 2,080. Ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ ọjọ́ 364, nítorí náà ọdún fi ọjọ́ kan tàbí méjì jù ú lọ. Bí ọjọ́ wọ̀nyẹn bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, wákàtí 8 sí 16 ni wọ́n máa fi kún un. Fún ìṣirò àfojúbù, a lè gbójú fò ó. 2,080 lọ́nà 20 jẹ́ 41,600. Ẹni tí kò bá sinmi rárá, tàbí tí wọ́n ń sanwó gbogbo ìsinmi fún, ló lè máa retí iye yìí.

Kí a tó yọ ìsinmi kúrò, ó yẹ kí a wo wákàtí 40 yẹn fínnífínní, nítorí ibẹ̀ ni owó ńlá ti máa ń sọnù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Òṣìṣẹ́ tó ń wọlé ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, tó ń jáde ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wà níbi iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ. Bí wákàtí oúnjẹ ọ̀sán kò bá lówó nínú, wákàtí méje ni wọ́n ń san. Ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti di 35, ọdún rẹ̀ ti di wákàtí 1,820, owó ọdún rẹ̀ sì jẹ́ 36,400. 5,200 ti lọ kí a tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ ìsinmi. Wákàtí tó wà nínú ìwé owó tí wọ́n fi ń sanwó fún un ni kó fi ṣírò, kì í ṣe wákàtí tó fi wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́. Bí wákàtí náà bá ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó kó ìwé owó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, kó ro wákàtí inú wọn pọ̀, kó sì pín in sí iye ọ̀sẹ̀ náà. Kó má ṣe ka ófátáìmù mọ́ ọn àyàfi tó bá jẹ́ ohun tó ń ṣe láìyẹ̀.

Ká pa dà sí òṣìṣẹ́ wa tí wọ́n ń san wákàtí 40 tán fún. Ìsinmi rẹ̀ ni ká wá kà báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ká sì kà á lórí kalẹ́ńdà ọdún náà gan-an. Ọlidé gbogboogbò 11 ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan bọ́ sí ọjọ́ Sátidé tí kì í ti í ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 10 la kà. Ilé iṣẹ́ tún máa ń tilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọdún, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n ọlidé méjì tí a ti kà wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni tuntun níbẹ̀. Ibí yìí ni àwọn tó ń ṣọ́ra jù máa ń ṣìnà sí, wọ́n á ka ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì máa bẹ̀rù àìlówó tí kò sí. Ó fẹ́ lo ọjọ́ 12 fún ìsinmi tirẹ̀. Ó fi ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ nítorí àìsàn, torí ẹni tó ń gbowó wákàtí tó ṣírò ọdún tí ara kò ní rẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ kan ń tan ara rẹ̀ ni.

10, 3, 12 àti 5, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 30. Ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, nítorí náà wákàtí 240 ni kò ní lówó nínú. Yọ ọ́ kúrò nínú 2,080, ó ku 1,840. Fi í lọ́nà 20, owó ọdún jẹ́ 36,800. Pín in sí 12, owó oṣù jẹ́ nǹkan bí 3,067. Ìsinmi ti gba 4,800 lọ́dún, ìyẹn 400 lóṣù. Gbogbo èyí jẹ́ owó kí wọ́n tó yọ owó orí àti àwọn ìyọkúrò mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣe é lè tẹ èyí sínú àpótí kan nínú ìwé ìṣirò, kó máa pààrọ̀ nọ́ńbà tirẹ̀ sí i:

```
=20*(40*52-240)/12
```

3,200 tí a kọ́kọ́ rí, ṣé kò wá jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Kò jìnnà, ṣùgbọ́n èèṣì ni. Nítorí pé ọ̀sẹ̀ 48 ló wà nínú rẹ̀, ó máa bára mu rẹ́gí fún ẹni tí ìsinmi aláìlówó rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé lọ́dún. Bí ìsinmi bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti pọ̀ jù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ti kéré jù.

Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì jù nígbà tí èèyàn bá ń fi iṣẹ́ méjì wéra. Ká ní ibì kan fẹ́ san 41,600 lọ́dún, tí ìsinmi ọjọ́ 30 kò ní dín in kù, ibòmíràn sì fẹ́ san 22 fún wákàtí kan láìsí owó ìsinmi. Ẹni tó bá pín 41,600 sí 2,080 á rí 20, á sì sọ pé 22 ló dára jù. Ṣùgbọ́n wákàtí 1,840 ló máa ṣiṣẹ́ gan-an. 22 lọ́nà 1,840 jẹ́ 40,480, kò tó ti àkọ́kọ́. Kí owó wákàtí tó lè bá a dọ́gba, 41,600 pín sí 1,840 ni, ó sì tó nǹkan bí 22.61. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú bóyá òfin tàbí àdéhùn ní kí wọ́n san ọlidé kan. Èyí tí wọ́n bá ń san, a kò ní yọ ọ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan sì máa ń fi owó ìsinmi kún owó wákàtí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ṣì máa dé láìmú owó wá, nítorí náà a ṣì máa yọ wákàtí rẹ̀.

3,067 yẹn kì í ṣe iye tó ń wọlé lóṣooṣù. Ní oṣù tí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ 23, tí kò sì sí ìsinmi nínú rẹ̀, wákàtí 184 ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ 3,680. Oṣù tó gbẹ̀yìn ọdún lè ní ọjọ́ iṣẹ́ 22. Ọlidé méjì yọ, ọjọ́ mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ tì yọ, ọjọ́ mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ gbà yọ, ó ku 13. 13 lọ́nà 8 lọ́nà 20 jẹ́ 2,080. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, bẹ́ẹ̀ 1,600 ló wà láàárín oṣù méjèèjì. 613 tó lé lórí 3,067 nínú oṣù tó gùn kì í ṣe èrè. Owó oṣù tó kúrú ló tètè dé.

Bí wọ́n ṣe ń sanwó náà tún lè da ojú rú. Níbi tí wọ́n bá ti ń san án ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìgbà 26 ni owó ń wọlé lọ́dún. Oṣù mẹ́wàá á rí i lẹ́ẹ̀mejì, oṣù méjì á rí i lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìlọ́po méjì owó kan ṣe owó oṣù ti gbàgbé owó ìgbà méjì.

Bí ẹnì kan bá gbé owó oṣù kan kalẹ̀ fún èèyàn pé òun ni owó wákàtí rẹ̀ já sí, a lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Fi owó oṣù náà lọ́nà 12, pín in sí owó wákàtí kan, kí o sì tún pín ìyẹn sí wákàtí ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó bá jáde ni iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbà pé wọ́n máa sanwó rẹ̀. 36,800 pín sí 20 jẹ́ 1,840. 1,840 pín sí 40 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 46, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn ọjọ́ 30 tí a kà lórí kalẹ́ńdà. Bó bá jáde ní 48, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe oṣù. Bó bá jáde ní 52, ẹni tó ṣe é kò yọ ọjọ́ ìsinmi kankan.