Kí Ni Wọ́n Ń Pè ní Ráúndà Kan?

Nínú eré ráúndàsì, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń sá yí òpó mẹ́rin ká, nǹkan kan wà tó sábà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọmọ kan á sá yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, á padà délé, síbẹ̀ adájọ́ ò ní kọ máàkì kankan fún un. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Kí ènìyàn tó gba ráúndà kan, ó gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, kó sì fọwọ́ tàbí igi rẹ̀ kan òpó kẹrin kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e.

Láti abẹ́ apá ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù. Ó gbọ́dọ̀ ga ju orúnkún ẹni tó fẹ́ gbá a lọ, kó má ga ju orí rẹ̀, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó di igi mú kọjá. Bí ó bá kọ́kọ́ balẹ̀, tàbí tó ń bọ̀ tààrà sí ara ọmọ náà, kò kà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra sí ọmọ kan náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìlàjì ráúndà.

Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá dára, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni tó fẹ́ gbá a ní ànfààní. Yálà ó bá a tàbí ó tàsé, ó ní láti sáré pẹ̀lú igi lọ́wọ́, kó sì gba ẹ̀yìn òde àwọn òpó náà. Bí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù tó gbá kó tó balẹ̀, tàbí tí alátakò fi bọ́ọ̀lù kan òpó tó ń sá lọ kó tó dé ibẹ̀, ó ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan tó gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, tó sì dé òpó kejì. Bí ó bá dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ju bọ́ọ̀lù mìíràn, ìlàjì ráúndà ti di tirẹ̀. Bó bá padà dé òpó kẹrin lẹ́yìn náà, kò sí àfikún. Bó bá ní òun ò dúró, tó sì dé òpó kẹrin nínú ìsáré kan náà, odidi ráúndà nìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá lé e jáde lójú ọ̀nà, ìlàjì tí ì bá gbà pàápàá ti lọ. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n eré náà wà lójú tèmi. Òpó kẹta sí ìkẹrin kò ju mítà 8.5 lọ, nígbà tí ìkejì sí ìkẹta jẹ́ mítà 12, nítorí náà apá tó gùn ló yẹ kó kọ́kọ́ dá lójú.

Kó máa ṣọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Bí bọ́ọ̀lù bá ti padà sọ́wọ́ onítọ̀hún nínú ìlà onígun mẹ́rin tó ti ń jù ú, ọmọ tó wà láàárín òpó méjì lè parí ìrìn rẹ̀ sí òpó tó kàn, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Èyí tó wà lára òpó kò gbọdọ̀ kúrò, kó má sì jẹ́ kí ọwọ́ tàbí igi rẹ̀ já kúrò lára òpó náà.

Ẹni tó tàsé bọ́ọ̀lù ńkọ́? Bó bá sáré dé òpó kẹrin kí wọ́n tó tún ju òmíràn, ìlàjì ráúndà ni tirẹ̀.