Iná ló kẹ́yìn ògì, iná ló ṣáájú irú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ wa máa ń ka ògì àti irú pọ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́. Lóòótọ́, kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ògì a máa kan, irú kì í kan rárá. Èyí tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé àgbàdo ti kan tán kí ó tó dé orí iná, nígbà tí hóró irú ti ní láti kúrò lórí iná kí iṣẹ́ àwọn kòkòrò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìyàtọ̀ yìí ni a ti lè mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ikùn àti ibi tí ewu rẹ̀ wà.

Ti ògì kò gba àlàyé púpọ̀. Bí a bá rẹ kóńgò àgbàdo funfun kan sínú omi ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, títí di alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo kòkòrò tó bá hóró wá láti oko àti ọjà ni yóò máa pọ̀ sí i nínú omi, àwọn tó lè fa ìgbẹ́ gbuuru sì lè wà lára wọn. Nígbà tí yóò bá fi di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn tó ń sọ ṣúgà di omi kíkan, tí Lakitobasílọ́ọ̀sì jẹ́ olórí wọn, yóò ti gba ibẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ìwọ̀n pH omi náà, èyí tó máa ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, yóò ti lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 6 sí 4 tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa àìsàn kò sì lè gbèrú níbẹ̀ mọ́. A ó lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ògì yóò sùn sísàlẹ̀, omidùn yóò sì tòrò sókè.

Èrò kan wà tó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá mu ẹ̀kọ gbígbóná ti gbé kòkòrò aláàyè tó ń ṣe ìfun lóore mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògì kì í ki àfi bí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, àwọn kòkòrò tó mú un kan kò sì lè pẹ́ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi funfun inú ìkòkò bá yí padà, tó ki, tó sì ń dán, wọ́n ti ń kú lọ nìyẹn, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀kọ tí a sè tó hó. Oore tó kù nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀: wọ́n ti tú lára èròjà inú àgbàdo tí kì í jẹ́ kí ara rí irin inú rẹ̀ lò, wọ́n sì ti mú kí oúnjẹ náà rọrùn fún ikùn. Inú omidùn tútù ni wọ́n ti wà láàyè, èyí tí àwọn àgbà fi ń rẹ ewé àti egbò àgbo. Ẹni tó bá ń mu ún kò gbọdọ̀ gbàgbé pé iná kò kàn án. Bí omi tí a fi sẹ́ ògì kò bá mọ́, ìkan nìkan ló dúró láàárín ẹni náà àti àìsàn, àwọn kòkòrò burúkú kan sì máa ń fara da ìkan fún ìgbà díẹ̀.

Iná tó kẹ́yìn ògì ń bo ọ̀pọ̀ àṣìṣe mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bo ti àgbàdo tó ti bu. Áfílátọ́síìnì, májèlé tí èyí tó bu lára hóró ń pọn, kì í ṣe ohun alààyè tí ooru lè pa. Kò sí bí a ṣe lè se é tó kí ó parẹ́ tán, ìkan kò sì ṣeé gbọ́kàn lé láti mú un kúrò. Ní ọdún 2004, irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn 125 ní ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà, bẹ́ẹ̀ sísè ni wọ́n ń sè é kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Kí a tó rẹ àgbàdo ni a ti gbọ́dọ̀ ṣa èyí tó bu, tó dúdú tàbí tó fọ́ kúrò.

Irú ló ní ọgbọ́n tó gba àfiyèsí jù. A ó se hóró rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 12 kí èèpo líle rẹ̀ tó rọ̀, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó fọ èèpo náà dànù, a ó sì tún hóró náà sè fún wákàtí kan tàbí méjì. Lẹ́yìn èyí, a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó dà á sínú igbá tí a fi ewé tẹ́, a ó fi ewé àti àpò bò ó pinpin. A kò fi ohunkóhun kún un, síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, irú ti dé. Níbo wá ni kòkòrò ti wá sínú ohun tí a sè fún gbogbo ọjọ́?

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni Basílọ́ọ̀sì, pàápàá Basílọ́ọ̀sì sọ́tílíìsì. Bí ayé bá le fún kòkòrò yìí, á dì sínú èèpo líle kan, á gbẹ, á sì sùn, omi híhó kì í sì í tètè pa á nínú ipò yẹn. Bí iná ọdún bá jó pápá, gbogbo koríko á jóná, ṣùgbọ́n irúgbìn tó ti sin ara rẹ̀ sínú ilẹ̀ á dúró de òjò. Ìkòkò ni pápá yìí, sísè ni iná ọdún, Basílọ́ọ̀sì sì ni irúgbìn abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí hóró bá rọ̀, tó sì lọ́wọ́ọ́ wẹ́rẹ́ nínú igbá, òjò ti dé, á sì jí sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sí mọ́ láti bá a dù. Àwọn mìíràn tí ewé àti igbá àtijọ́ ń gbé á sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Sísè náà kì í ṣe fún rírọ̀ nìkan nígbà náà; òun ló ń ṣán oko fún ẹni tí a ń fẹ́. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí bí a bá dín sísè kù, a ó bá irú tó ń rùn bí ohun tó bàjẹ́.

Bí ènìyàn bá ki ọwọ́ sábẹ́ àpò ní ọjọ́ kejì, yóò bá hóró ní gbígbóná, nítorí iṣẹ́ àwọn kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá. Bí a bá gbé hóró méjì kúrò lára ara wọn, okùn fínfín yóò máa fà láàárín wọn. Wọ́n ti ń gé purotéènì inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, òórùn àmóníà tó ń ta sí imú ti ń jáde, pH sì ń gòkè lọ sí nǹkan bí 8. Wọ́n tún ń jẹ lára ṣúgà tó máa ń wú inú ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà. Nítorí pé wọ́n mọ bí a ṣe ń sùn de iná, àwọn kan nínú wọn lè la ọbẹ̀ kọjá kí wọ́n sì dé ìfun láàyè. Ohun tí àwọn kan ń wá nínú ẹ̀kọ gbígbóná, inú ọbẹ̀ ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídé ìfun kò sọ pé wọ́n máa tẹ̀dó síbẹ̀.

Ibi tí agbára irú wà náà ni àléébù rẹ̀ wà. Irú kò ní ìkan tí yóò dáàbò bò ó, Basílọ́ọ̀sì sẹ́rọ́ọ̀sì, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Basílọ́ọ̀sì tí a ń fẹ́, náà mọ bí a ṣe ń sùn de iná, májèlé kan tí ó lè pọn kì í sì í bá ooru lọ. Ní àfikún, gbogbo ohun tó bá kan hóró lẹ́yìn sísè kejì, ọwọ́, igbá, ewé tàbí omi tútù tí ẹnìkan fi ṣàn án, kò ní bá iná pàdé mọ́ kí irú tó dé ọjà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi iyọ̀ sí irú tàbí kí a sá a gbẹ bí ó bá ti dé ojú àmì, èyí tó bá sì tutù kí a tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì. Òórùn tó ta sí imú kò burú, ti irú ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn bí ẹran tó ti jẹrà, tó ní àwọ̀ ewé tàbí pupa, tàbí tó ń ṣomi, dídà nù ló tọ́ sí i, kì í ṣe kí a tún un sè, nítorí iná tó pa kòkòrò kò ní pa májèlé tí kòkòrò ti pọn sílẹ̀.